Mọ́tò Àyálò Tó Wà Lórúkọ Ìyàwó Mi

Orúkọ èèyàn kì í bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí owó iléèwé tó tán lọ́wọ́ bàbá mi, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ orúkọ lẹ́ẹ̀kan, ó di tèmi nìyẹn. Mo mọ orúkọ dókítà tó sọ fún wa pé àìsàn ìyàwó mi ti wọ ẹ̀dọ̀. Mo mọ orúkọ àwọn obìnrin mẹ́ta tó wẹ ìyàwó mi kí wọ́n tó fi aṣọ funfun wé e. Mo mọ orúkọ ọkùnrin tó wá gba mọ́tò náà lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí parí. Mi ò ní kọ ọ̀kankan síhìn-ín. Orúkọ ti kó wa sí wàhálà tó.

Ọmọbìnrin wa, àbíkẹ́yìn, ló ń lo mọ́tò. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe, láti ilé dé ilé, kì í sì í ṣe iṣẹ́ olówó oṣù. Éjẹ́ńsì kan ló ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Bí iṣẹ́ bá wà, owó wà. Bí kò bá sí, á jókòó ti èmi àti ìyá rẹ̀ nílé, á máa wo fóònù bí ẹni ń wo ojú ọ̀run. Ọ̀sẹ̀ kan á kún débi pé kò ní ráyè jẹun: yóò wẹ ìyá arúgbó kan ní Peckham níbí, nílùú òyìnbó tí à ń gbé, yóò sáré dé Lewisham lọ fún bàbá kan lóògùn, yóò tún sá lọ sí Kennington. Ọ̀sẹ̀ kejì, nínú àwọn tó ń tọ́jú, ẹni méjì á kú, ẹnì kan á wọ ọsibítù, iṣẹ́ á sì gbẹ. Éjẹ́ńsì kì í sì fún ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì ní ilé mẹ́rin láàárọ̀ kan. Mọ́tò ni iṣẹ́ náà gan-an.

Nígbà tí mọ́tò rẹ̀ àtijọ́ kú, mo ní kó ra òmíràn, èyí tó ti gbó díẹ̀, kó san án tán lójú ẹsẹ̀. Ìyàwó mi ò gbà.

"Àlòkù!" ló ní. "Kó tún dákú sójú títì Old Kent Road bíi ti ìjẹta? Kí wọ́n máa fi fèrè bú ọmọ mi?"

Tuntun àyálò ló fẹ́, èyí tí gbogbo wọn níbi iṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní líìsì. Wàá kọ́kọ́ san bí owó oṣù mẹ́ta lápapọ̀, lẹ́yìn náà iye kan náà lóṣooṣù fún ọdún mẹ́ta. Wọ́n á dá iye máìlì tó o lè rìn lọ́dún fún ọ. Bó o bá kọjá á, wàá sanwó rẹ̀. Ní ìparí, wàá dá a padà, wọ́n á yí i po láti wo ibi tó ti họ, wàá sì rìn lọ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo.

Ọ̀rẹ́ mi kan, Alhaji, tó ta mọ́tò ní Old Kent Road títí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ fi ní ó tó, tó máa ń dúró lápá ọ̀tún mi ní mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀, wá sílé wa ní ọjọ́ náà. Ó mu tíì, ó gbọ́ tẹnu ìyàwó mi, ó sì mi orí.

"Ìyá wa, líìsì dáa fún ẹni tí owó rẹ̀ ń dé bí oṣù ṣe ń dé. Owó ọmọ yìí ń dé bí òjò. Mọ́tò tó bá jẹ́ tìrẹ, tí oṣù bá gbẹ, o lè gbé e síta kó máa wò ọ́ lójú. Àyálò ò mọ oṣù tó gbẹ. Bó o bá sì ní o ò ṣe mọ́ láàárín ọ̀nà, wọ́n á gba owó ọ̀pọ̀ nínú oṣù tó kù lọ́wọ́ rẹ."

"Ṣé kò sí ọ̀nà ààrin ni?" ọmọbìnrin wa bi í.

"Ó wà. Kó o máa rà á díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn á di tìrẹ níkẹyìn, bó o bá sì ti san ìdajì gbogbo owó, òfin fún ọ láyè láti dá a padà kó o máa lọ. Líìsì ò ní irú ilẹ̀kùn yẹn. Ṣùgbọ́n àti èyí àti ìyẹn, wọ́n á bi ọ́ pé báwo lowó ṣe ń wọlé."

"Alhaji ń ta ọjà síbẹ̀síbẹ̀," ìyàwó mi wí. "Wọ́n ní ó ti fẹ̀yìn tì, ẹnu ò tíì fẹ̀yìn tì."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà béèrè fún líìsì. Wọ́n ní kó mú ẹ̀rí owó tó ń wọlé wá, wọ́n rí oṣù tó kún, wọ́n rí oṣù tó ṣófo, wọ́n kọ̀. Ó sunkún nínú yàrá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbọ́, ó so gèlè mọ́rí bí ẹni ń lọ jà, ó ní: "Ẹ kọ ọ́ sí orúkọ tèmi."

Ilé ìdáná ọsibítù ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, owó rẹ̀ kì í yẹ̀. Wọ́n gbà á lọ́jọ́ kejì. Ìwé béèrè pé ta ni yóò máa wa mọ́tò jù. Ó ní òun ni. Ìwé ínṣọ́ránsì béèrè bákan náà; ó fi ara rẹ̀ ṣe awakọ̀ àkọ́kọ́, ó fi ọmọ ṣe èkejì. Ẹ̀rí ọkàn ò dà wá láàmú. Níbi tí wọ́n ti bí wa, bí ọmọ bá fẹ́ gba nǹkan níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, ìyá á dúró fún un. Ìdúró la pe èyí náà. Kò yé wa pé onídùúró a máa sọ pé ẹlòmíràn ló gba nǹkan. Ìyàwó mi sọ pé òun gan-an ló gbà á.

Mọ́tò náà dé, dúdú, ó ń dán bí ojú omi kànga. Kò sí ariwo lára rẹ̀. Ó ní kọ́kọ́rọ́ méjì, kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan sì mọ ẹni tó ni ín. Bí ìyàwó mi bá fi tirẹ̀ ṣílẹ̀kùn, àga awakọ̀ á rìn síwájú fúnra rẹ̀, á gbéra sókè, torí obìnrin kúkurú ni. Bí ọmọ bá fi tirẹ̀ ṣí i, á padà sẹ́yìn, torí èmi ni ọmọ náà fi gíga jọ. Ìyàwó mi a máa pàtẹ́wọ́ sí i. "Ẹ wò ó, ó mọ̀ mí!" Ó tó ìgbà mẹ́rin tó wà á, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún kan kò pé tó fi kú.

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, àwọn èèyàn lọ, ilé sì dákẹ́. Àkáǹtì bánkì tí owó mọ́tò ń gbà jáde, èmi àtìyàwó mi la jọ ni ín, nítorí náà kò sí ohun tó dúró. Ọmọ ń kówó sí i bó bá rí, èmi ń fi owó ìfẹ̀yìntì mi dí ibi tó bá jìn. Owó ń lọ lóṣooṣù, ẹnikẹ́ni ò bi wá ní nǹkan kan.

Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ilé-iṣẹ́ gáàsì ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, kánsù ti pa á rẹ́, ọsibítù ti pa á rẹ́. Ilé-iṣẹ́ mọ́tò nìkan ló ń kọ̀wé sí i. Wọ́n á kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á rán an létí pé àkókò àyẹ̀wò mọ́tò ti tó, wọ́n á ní kó máa gbádùn ìrìn àjò rẹ̀. Ó yẹ kí n kọ̀wé sí wọn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Dípò ìyẹn, mo ń to àwọn lẹ́tà náà sórí ìrọ̀rí rẹ̀, láìṣí wọn, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ níta. Bí mo bá jí láàárọ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ ń rí nìyẹn.

Nígbà tó yá, bátìrì kọ́kọ́rọ́ ọmọbìnrin wa kú. Ó ní òun á rà á, kò rà á. Kọ́kọ́rọ́ ìyá rẹ̀ ló mú. Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń wò ó: ó dúró lẹ́bàá mọ́tò, iná mọ́tò ṣẹ́jú, kò tíì fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, àga inú lọ́hùn-ún sì ń rìn síwájú jẹ́jẹ́, ó ń gbéra sókè, díńgí ẹ̀gbẹ́ ń tẹ ojú wálẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ẹnì kan kékeré ti wọlé ṣáájú rẹ̀ tó ń fìdí kalẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ á tẹ bọ́tìnnì, á tì í sẹ́yìn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo rí i pé kò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó jókòó bẹ́ẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń kan ìdí ọwọ́ ìtọ́kọ̀, àyà rẹ̀ sún mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń sún mọ́ ọn. Gèlè ìyá rẹ̀ ló fi wé orí.

"Ṣé kì í dùn ọ́ lórúnkún?" mo bi í.

"Ó ti mọ́ mi lára, Daddy."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Alhaji bá mi rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó rí mọ́tò.

"Ẹ ti yí i sí orúkọ ọmọ?"

"Rárá o. Wọn ò lè gbà á."

"Ínṣọ́ránsì ńkọ́?"

"Ìyá rẹ̀ ni àkọ́kọ́, òun ni èkejì. Bó ṣe wà náà ló wà."

Ó dúró. Ó fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ sápò. "Bàbá, òkú kì í ní ínṣọ́ránsì. Bí àkọ́kọ́ bá ti lọ, èkejì ò ní ẹsẹ̀ tó máa dúró lé, àfi bí wọ́n bá sọ fún ilé-iṣẹ́ náà kí wọ́n tún ìwé ṣe. Bí ọmọ yẹn bá kọ lu ọmọ ọlọ́mọ lónìí, kò sí ohun tó bò ó. Ọlọ́pàá lè gba mọ́tò náà, ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ á bàjẹ́. Éjẹ́ńsì wo ló máa gbé arúgbó fún un lẹ́yìn ìyẹn?"

"Kò kọ lu ẹnikẹ́ni rí."

"Ẹ̀yin lẹ wí bẹ́ẹ̀. Ta ló ń wà á, ná? Lójú ìwé, ìyá tó wà nínú ilẹ̀ ló ń yí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ yẹn ká Lewisham."

Ó fẹ́ fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Àwa méjèèjì yíjú wo mọ́tò. Àga wà níwájú. Mo gbọ́ gbogbo ohun tó wí, mo sì wọlé, mi ò sọ nǹkan kan fún ọmọ lọ́jọ́ náà. Bí mo bá sọ, lẹ́tà ò ní wá mọ́. Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn, mi ò lè fi pamọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo jókòó sínú àga mi ní pálọ̀. Fóònù ilé dún ní kíṣìnnì. Ọmọ ló gbé e. Lẹ́yìn náà, ìyàwó mi sọ̀rọ̀.

Mi ò purọ́. Òyìnbó ni, ṣùgbọ́n òyìnbó ìyàwó mi, èyí tó gbé wá láti ilé, tí kò sì fi sílẹ̀ rí, tó máa ń tẹ̀ mọ́ ìparí ọ̀rọ̀ bí ẹni ń tẹ iyán. Ìlú yìí ni wọ́n bí ọmọbìnrin wa sí, òyìnbó tirẹ̀ sáré, ó fúyẹ́, ó sì bá ti àwọn ọmọ Peckham mu. Èyí kì í ṣe tirẹ̀. Ohùn náà ní òun ni, pé òun gan-an ló ń sọ̀rọ̀. Ó ka ọjọ́ ìbí ìyàwó mi. Ó ka àdírẹ́sì wa. Ó tún ọ̀fun ṣe lẹ́ẹ̀mejì, bí ìyàwó mi ṣe máa ń tún un ṣe kó tó bínú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun mọ̀ pé máìlì ti pọ̀, pé ọmọ òun ló bá òun gbé e lọ síbi ìnáwó, pé òun á dín in kù.

Kí n tó mọ̀, mo ti dìde. Ẹnu mi ti wí pé, "Mò ń bọ̀ o," bí mo ṣe máa ń dá a lóhùn fún ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fọwọ́ mú ara ògiri lọ sí kíṣìnnì. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, gèlè lórí, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó bi ẹni tó wà lórí fóònù:

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ìyàwó mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fóònù kalẹ̀ rí láìbi í bóyá ó ti jẹun. Ì báà jẹ́ ẹni tí kò mọ̀ rí tó ń fi fóònù ta fèrèsé. Yorùbá ló fi ń bi wọ́n, wọ́n á sì ní, "Kí lẹ wí?"

Ọmọ náà gbé fóònù kalẹ̀, ó yíjú sí mi.

"Kí ló dé tó o fi bi í bóyá ó ti jẹun?" mo ní.

"Bi ta ni?"

"Ẹni tó o ń bá sọ̀rọ̀."

"Mi ò bi í bẹ́ẹ̀, Daddy." Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Mo sọ bẹ́ẹ̀?"

Àwa méjèèjì dúró síbẹ̀. Omi kẹ́tùlù ń hó, kò sẹ́ni tó pa á.

Mo wá sọ gbogbo ohun tí Alhaji wí fún un. Ó jókòó, ó ń yí òrùka ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Tí mo bá dá a padà, kí ni mo máa fi ṣiṣẹ́? Bọ́ọ̀sì? Bàbá tó wà ní Kennington yẹn, tí mi ò bá dé lásìkò, kò sẹ́ni tó máa gbé e dìde. Ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ọdún kan àbọ̀ ló kù, abeg."

"Tó o bá fi kọ lu èèyàn ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà ò fẹ́ kó parí." Kò fi ohùn líle sọ ọ́. "Mo ti rí àwọn lẹ́tà yẹn, Daddy. Lórí ìrọ̀rí. Ẹ kì í ṣí wọn."

Mo wo gèlè orí rẹ̀. Mo ronú pé ìwé ló pa ìyàwó mi mọ́ láyé, ìwé náà sì ti ń wá ara tó máa wọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún mi nílé ló ń wọ̀.

"Tú gèlè yẹn," mo ní. "Jọ̀ọ́. Kó o sì bá mi tẹ nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ mọ́tò náà."

Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Òyìnbó mi ò dán, ṣùgbọ́n mo wí i ketekete pé ẹni tó ni orúkọ yìí ti kú, pé ó ti ṣe díẹ̀, pé ẹni tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ láìpẹ́ yìí kì í ṣe òun. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó gbé fóònù lọ́hùn-ún bá mi kẹ́dùn. Ó gbé mi fún àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ikú. Wọ́n ní kí n fi ẹ̀dà ìwé ikú ránṣẹ́, kí ọmọ má wa mọ́tò náà mọ́. A pe ínṣọ́ránsì lẹ́yìn wọn. Mo ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní ká san oṣù tó kù, ṣùgbọ́n ìwé tiwọn sọ pé ikú ẹni tó yá a ti tú àdéhùn náà. Máìlì tó lé àti ibi tó họ nìkan la ó san. Alhaji ní ká dúpẹ́, pé ìwé kan ò jọ ìkejì, pé òun ti rí èyí tí wọ́n gba gbogbo rẹ̀ nínú ohun tí òkú fi sílẹ̀.

Ọkùnrin tó wá gbé e dé ní òwúrọ̀, ó ga, ó ń fi fóònù ya gbogbo ara mọ́tò. Ó fọwọ́ ra ibi tó họ. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ ìyàwó mi fún un. Ó tẹ̀ ẹ́. Iná ṣẹ́jú, àga rìn síwájú, díńgí tẹrí ba. Ó fẹ́ wọlé, ó rí i pé kò sí àyè, ó sì sún sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe ń sọ bó bá ṣílẹ̀kùn bá ẹni tó wà nínú. Ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi di ọwọ́ mi mú. Ọkùnrin náà tẹ bọ́tìnnì, àga náà sì padà sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, títí tí kò fi jọ àga ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọmọ mi fi wọ bọ́ọ̀sì. Éjẹ́ńsì dín iṣẹ́ rẹ̀ kù sí ilé méjì, ẹlòmíràn ni wọ́n rán sí bàbá Kennington. Àjọ tí òun àti àwọn obìnrin mẹ́sàn-án ń dá kò tíì kàn án, ṣùgbọ́n ẹni tó kàn yọ̀ǹda fún un láti gbà ṣáájú. Alhaji bá a yan àlòkù kan tó bá òfin èéfín ìlú yìí mu. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí bóyá gbèsè ẹlòmíràn ṣì wà lórí rẹ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú egungun ẹ̀yìn yẹn, ó ní ó dáa. Orúkọ ọmọbìnrin wa ló wà lórí ìwé rẹ̀, lórí ínṣọ́ránsì náà, òun nìkan. Oṣù kejì ni bátìrì rẹ̀ kú lójú òtútù, ó pàdánù iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, ó sì bú èmi àti Alhaji pọ̀. Oṣù tí iṣẹ́ gbẹ lẹ́yìn náà, mọ́tò náà jókòó síta wa ní ọ̀sẹ̀ méjì, kò bi wá ní nǹkan.

Irin kan ló wà lábẹ́ àga rẹ̀ tí wọ́n fi ń fà á. Ibi tó o bá fi í sí ló máa wà. Láàárọ̀, bí ọmọ mi bá ti jáde, mo ṣì máa ń dúró sójú fèrèsé wò ó, kó tó dé ìdí mọ́tò. Àga náà kì í mira.

Lẹ́tà ò wá mọ́. Mo ṣí àwọn tó wà lórí ìrọ̀rí ní ọjọ́ kan ṣoṣo, mo kà wọ́n tán, mo sì pe orúkọ tó wà lórí wọn sókè, nígbà tí ilé dá páropáro. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo dúró díẹ̀ sí i kí n tó lọ gbé omi tíì kaná.